Ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní ìṣirò, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe kuadirátíìkì fún wọn. Àpẹẹrẹ mẹ́jọ ni mo ṣe sójú pátákó, wọ́n sì dà á kọ dáadáa. "Ṣé ó yé yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo kọ ẹyọ kan ṣoṣo fún wọn:

x² − x = 12

Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ni x(x − 1) = 12, nítorí náà x = 12 tàbí x − 1 = 12. Inú bí mi. Àfi ìgbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé ìmúrasílẹ̀ mi ni mo rí i pé èmi gan-an ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òdo ló wà lápá ọ̀tún, n kò sì sọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí ìwé mi ṣe rí lójú ni wọ́n kọ́.

Ní báyìí, kí n tó ṣe àpẹẹrẹ kankan, mo máa ń bi wọ́n pé: mo ní nọ́ńbà méjì lọ́kàn, mo taimísì wọn, wọ́n fún mi ní 12, kí ni wọ́n? Ẹnì kan á ní 3 àti 4, òmíràn á ní 2 àti 6, alágídí kan á ní ìdajì àti 24. Mo á wá ní, ó dáa, bó bá jẹ́ òdo ni wọ́n fún mi ńkọ́? Kíláàsì á dákẹ́ díẹ̀, kí ẹnì kan tó sọ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ni mo á ṣe ẹyọ kan tán pátápátá:

```
x² − 7x + 12 = 0
(x − 3)(x − 4) = 0
x − 3 = 0 tàbí x − 4 = 0
x = 3 tàbí x = 4
```

Mo máa ń sọ bí mo ṣe rí −3 àti −4: bí a bá taimísì wọn, 12 ni, bí a bá pa wọ́n pọ̀, −7 ni. Mo á tún dá 3 padà sínú ìbéèrè lójú wọn: 9 − 21 + 12, òdo ni.

Èkejì ni x² − 9x + 20 = 0. Mo á ṣe é dé (x − 4)(x − 5) = 0, mo á sì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Àwọn ni yóò parí rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, x² + 2x − 15 = 0, ohun tí mo kọ kò ju pé a ń wá nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa fún wa ní −15 àti 2. Ẹ̀kẹrin, x² + 3x = 40, ìbéèrè nìkan ni mo kọ, òdo ò sì sí níbẹ̀ rárá.

Mo ti gbìyànjú rí láti máa yọ àwọn ìlà náà kúrò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò dáa. Wíwá nọ́ńbà méjì yẹn ló le jù. Ọmọ tó bá há síbẹ̀ kò ní dé ìlà tó kù láéláé. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ló máa rí ìdáhùn, ìlà tuntun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bá jà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó bá há, ìlà kan péré ni mo máa ń dá padà fún un. Èyí tó ti mọ̀ ọ́n, n kì í fi àbọ̀ iṣẹ́ dá a dúró. Ẹ̀kẹrin ni mo máa ń gbé fún un tààrà.

N kì í tìtorí pé ẹnì kan gbà á kí n sọ pé ó ti tó dá ṣe. Mo máa ń fi ọwọ́ bo ìlà kan nínú ìwé rẹ̀, kí n bi í pé báwo lo ṣe débí?

Ní táàmù tó kọjá, mo fún ọmọkùnrin kan ní x² = 5x. Ó fi x pín apá méjèèjì, ó kọ x = 5, ó sì gbé ìwé wá pẹ̀lú ìgboyà. N kò fagi lé e. Mo ní kó fi òdo sípò x.

"Ó wọlé, sà."

"Níbo ló wà nínú ìdáhùn rẹ?"

Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Sà, ṣé òdo náà ni mo fi pín in?" Ó padà sí àga rẹ̀ láìdúró de ìdáhùn mi. Nígbà tí mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kọ x² − 5x = 0, ó sì ń ṣí àkámọ́.