Lẹ́tà tí mo máa ń kọ sí ẹbí alátọ̀gbẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ dókítà, bí ẹ bá sọ fún aláìsàn pé ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, gbogbo ilé ló máa dá sí i. Ọmọ tó wà nítòsí á máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀, èyí tó wà lókè òkun á máa fi fóònù pàṣẹ. Ohun tí ẹ sì sọ ní kíníìkì ti máa ń yàtọ̀ kó tó délé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan péré, tí aláìsàn bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè o. Àwọn àgbàlagbà kan ò fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo ti yí ohun tí ẹnikẹ́ni fi lè dá wọn mọ̀ padà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aṣọ ni wọ́n ń tà n'Ìbàdàn. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn ló ń gún wọn níka lójoojúmọ́ láti wọn ṣúgà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó rí 142. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Màmá ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ó rí 168. Ó ní Màmá ń dìde jẹun lóru, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìdáná pa. Màmá búra títí, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Ohun tí mo fi ṣáájú nínú lẹ́tà yẹn nìyí: Màmá ò jalè oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ wọn ló tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa ni ẹ̀dọ̀ ń fi ṣúgà pamọ́ fún, tó sì ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá sùn, kí ebi má bàa pa ọpọlọ. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ara á rán àwọn omi ara kan jáde láti jí wa, wọ́n á ní kí ẹ̀dọ̀ tú púpọ̀ sí i. Lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, ínsúlíìnì á ní ó tó, ẹ̀dọ̀ á sì dáwọ́ dúró. Ní ti alátọ̀gbẹ oríṣi kejì, ínsúlíìnì wà, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn fún adití. Ẹ̀yà ara tó ń ṣe é á kọ́kọ́ fi agbára kún iṣẹ́. Nígbà tó bá yá, á rẹ ẹ́.

Nígbà tí ẹbí bá mọ èyí, oògùn náà á yé wọn. Iṣẹ́ tí mẹtifọ́míìnì ń ṣe jù ni pé kó dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má tú ṣúgà jù. Màmá yìí máa ń fo ti alẹ́ nítorí pé, lójú tiwọn, ẹ̀kọ díẹ̀ ni wọ́n mu, kí wá ni wọ́n fẹ́ fi oògùn lé? Òru gan-an sì ni ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, bó ti wù kí oúnjẹ náà kéré mọ.

Ìjà kejì ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ọmọkùnrin wọn fi ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà tuntun ránṣẹ́, ohun tó sì gbé jáde lójú rẹ̀ ni 9.3. Inú gbogbo ilé dùn pé ṣúgà ti já wálẹ̀ láti 168 sí 9. Kò já rárá. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ: ti ìlú òyìnbó yẹn ń ka mmol/L, tiwa sábà máa ń ka mg/dL. Ẹ fi 18 sọ 9.3 di púpọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 168 yín níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú ẹyọ ẹ̀rọ kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fi ń kà á sí iwájú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá sí kíníìkì, kì í ṣe ìwé nìkan.

Kí ẹbí sì mọ̀ pé gígún ìka kan, ti ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló ń sọ. Àyẹ̀wò HbA1c ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rìn fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé ó ń wo ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Ti Màmá jẹ́ 8.2%; nǹkan bí 7% la ń wá fún ọ̀pọ̀ èèyàn, a sì ń fàyè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún arúgbó tí ara rẹ̀ ò le mọ́. Ẹni tó bá ń fi ebi pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó wá rí wa ò lè fi ìyẹn tan àyẹ̀wò yìí. Ẹ̀yin àbúrò, èyí ò sí nínú lẹ́tà, tiyín ni: ẹ má gbọ́kàn lé e fún ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ó lè ṣì yín lọ́nà.

Wọ́n á bèèrè ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dájú. Mo máa ń fèsì ní gbólóhùn kan: ó ń di ṣúgà nínú ara bí àmàlà mìíràn ṣe ń di ṣúgà, òkèlè tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ibi tí mo ti máa ń fi bírò pupa fàlà sí ni ọ̀rọ̀ ṣúgà tó já wálẹ̀ jù. Mẹtifọ́míìnì nìkan kì í sábà fà á. Ṣùgbọ́n Màmá tún ń lo gilibẹnkilamáìdì, èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì nítorí pé kò wọ́n. Òun ń fi tipátipá mú kí ara tú ínsúlíìnì jáde, yálà a jẹun tàbí a ò jẹ. Oṣù àwẹ̀ sì ti ń bọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí wọ́n ń bínú láìnídìí tàbí tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, kí ẹbí má sọ pé ebi àwẹ̀ ni, kí wọ́n má sì sáré pe aládùúrà. Kí wọ́n gún ìka. Tí kò bá tó 70 mg/dL, kí Màmá ṣínu: ṣúgà ṣíbí oúnjẹ kan nínú omi, kí wọ́n tún gún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tí kò bá tíì gòkè kí wọ́n fún wọn sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún wọn ní oúnjẹ gidi. Tí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Kódà tí wọ́n bá jí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, kí wọ́n ṣì gbé wọn wá. Oògùn yẹn lè wà lára fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, pàápàá tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ṣúgà á sì tún já lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ní ti Màmá, mo dá gilibẹnkilamáìdì dúró kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo fi òmíràn tí kì í já ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù nílé wá fún mi.