Kí ọ̀rọ̀ yé Màmá

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Àtẹ̀jíṣẹ́ tá a fẹ́ fi yí àkókò iṣẹ́ Màmá tó ń bá wa tọ́jú ọmọ padà ti fẹ́ẹ̀ parí, àfi gbólóhùn kan tó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀: "Ẹ máa bá wa tún ilé ṣe díẹ̀." "Díẹ̀" yìí kì í dúró sójú kan. Lọ́sẹ̀ kìíní, gbígbá pálọ̀ ni. Kí oṣù tó parí, ó ti di aṣọ bàbá ọmọ, ọmọ á wá máa ké nígbà tí ọwọ́ Màmá ṣì wà nínú ọṣẹ. Iṣẹ́ tá a bá ń fẹ́, ká dárúkọ ẹ̀. Tá a bá sì fi ọ̀kan kún un, ká yọ ọ̀kan.

Owó ni ká kọ́kọ́ ṣírò. Aago 7 àárọ̀ sí aago 4 tó ń ṣe báyìí jẹ́ wákàtí 45 lọ́sẹ̀, 81,000 náírà sì ni owó oṣù. Aago 8 sí aago 6 tá a fẹ́ á di wákàtí 50. Tá a bá pín 81,000 sí ọ̀nà 45, ó jẹ́ 1,800; ìlọ́po 50 rẹ̀ jẹ́ 90,000. Ṣùgbọ́n aago 6 ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó ni dánfó máa ń fowó lé owó ọkọ̀. Tá ò bá ya ìyẹn sọ́tọ̀, ojú ọ̀nà ni ẹ̀kúnwó náà máa parí sí.

Bó ṣe wá rí nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ kú àmójútó ọmọ. Láti Mọ́ńdè ọjọ́ 15 oṣù yìí, a fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ máa dé ní aago 8 àárọ̀, kí ẹ sì máa lọ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdé. Ẹ ó máa mú ọmọ ní ilé-ìwé ní aago 1 ààbọ̀, ẹ ó fún un lóúnjẹ tó wà nínú fìríìjì, ẹ ó sì fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ má fọ aṣọ àwa àgbà mọ́. Owó oṣù á di 90,000. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni owó ọkọ̀ yín lálẹ́, ká lè san èyí tó bá lé? Bí àkókò yìí ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún wa, Mà, ká jọ tún un wò."

"Mọ́ńdè tó ń bọ̀" nìkan kò tó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí lè rò pé ọjọ́ 8 ni. Ká kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, ká tó fi ránṣẹ́, nítorí bí ìwé bá ṣáájú ẹnu, ó máa ń jọ àṣẹ létí àgbà. Tí kò bá rọrùn fún un láti kàwé, ká fi ohùn sọ ọ́ lórí Wọ́sáàpù, kó lè tún un gbọ́.

Tó bá dáhùn pé "Kò burú" péré, kò tíì gbà nìyẹn o. Ó lè jẹ́ pé ojú ń tì í láti kọ̀. Ká bi í léèrè ohun kan pàtó: "Mà, ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín nílé títí ẹ ó fi dé?"