Ìwé ìfinihàn: kí ni káàdì fíríìjì sọ nípa rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Àsìkò ayẹyẹ ìdánilọ́lá òṣìṣẹ́ tún ti dé. Pátákó àmì-ẹ̀yẹ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fín in, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, ó wá ku ìwé tí wọ́n máa kà kí ẹni tí a ń bọlá fún tó jáde. Ìwé yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ di òru ọjọ́ tó ku ọ̀la, ohun tó sì máa ń jáde níbẹ̀ kò yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ní àpẹẹrẹ: nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìlera kan tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ nípa rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni, olóòótọ́ ni, onísùúrù ni, ìyá ló jẹ́ fún gbogbo wa, kì í sì í sọ pé ó rẹ òun. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ti awakọ̀ ọ́fíìsì sí i. Kò sí ohun tó máa yí padà àfi "ìyá" tó máa di "bàbá". Ìwé tó bá lè gba orúkọ ẹlòmíràn báyìí kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń dìde bọ̀ láti orí àga.

Àwọn kan á ní àṣà wa ni, pé Yorùbá fẹ́ràn kí wọ́n máa ki èèyàn. Òótọ́ ni, àmọ́ oríkì kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń ki ọmọ Oníkòyí kì í sọ pé akíkanjú ni wọ́n kó sì dákẹ́. Ó máa ń ní ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ìyẹn ṣeé yẹ̀ wò: ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá wo ibi tí ọgbẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì yìí, kò sì jìnnà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ ká lọ ni ẹ̀gbẹ́ fíríìjì náà. Káàdì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí kan Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ọdún. Ìwọ̀n náà kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 2°C, kò sì gbọ́dọ̀ ga ju 8°C lọ. Ẹ gba káàdì ọdún kan, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Káàdì òótọ́ máa ń ní ìyípadà díẹ̀díẹ̀: 4 lónìí, 6 lọ́la, 7 ní ìrọ̀lẹ́ tí iná lọ. Bí ẹ bá rí i pé 5 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin, tí báírò kan náà sì ló kọ gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n jókòó kọ ọ́ tán. Kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n sàn ju kí ẹ lọ yin káàdì bẹ́ẹ̀ lórí makirofóònù, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa wojú ara wọn.

Lẹ́yìn káàdì, ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ń ka ìgò abẹ́rẹ́ tó wọlé àti èyí tó jáde. Ibí ni ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó máa ń fẹ́ kọ pé "kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀". Kò lè jẹ́ òótọ́, gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní gbọ̀ngàn ló sì mọ̀. Ìgò abẹ́rẹ́ èèyí tó ń tó ọmọ 10, bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ni wọ́n lè fi lò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ mẹ́rin ló wá lọ́jọ́ náà, ìyókù gbọ́dọ̀ dànù. Dídà á nù yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó dáa, torí ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Gbólóhùn tó lè dúró ni pé kò sí ìgò tí wọn kò tíì ṣí tó bàjẹ́ nítorí ooru tàbí nítorí pé ó dì. Gbólóhùn náà kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́, iyì rẹ̀ sì pọ̀ jù lójú ẹni tó mọ iṣẹ́.

Iye tó dùn jù láti kà sókè ló sábà máa ń jẹ́ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí iye ọmọ tó gba àjẹsára ní agbègbè náà bá lọ sókè lọ́dún yẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìpolongo ilé-dé-ilé wáyé, bóyá wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, bóyá ilé ìlera tó múlé gbè wọ́n ló tilẹ̀kùn tí àwọn ìyá fi ń wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye yẹn jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni fíríìjì. Níbi fíríìjì pàápàá, ó lọ ìsinmi ọdọọdún, ẹnì kan sì dúró dè é. Ẹ dárúkọ ẹni náà. Ohun tó máa ń ba irú ayẹyẹ yìí jẹ́ ni ẹnì kan tó jókòó sẹ́yìn, tó mọ̀ pé òun lòun ṣe ìdajì ohun tí wọ́n ń kà, tí wọn ò sì dárúkọ òun.

Nígbà tí ẹ bá wá ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè, ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni. "Èèyàn dáadáa ni" ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Ẹ bi wọ́n pé: ọjọ́ wo ni iná lọ tó pẹ́ jù lọ́dún yìí, ta ló wà níbẹ̀, kí ló kọ́kọ́ ṣe, báwo ni abẹ́rẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ kejì? Ìtàn máa jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n.

Báyìí ni ìwé náà ṣe lè rí. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye inú rẹ̀. Ti inú káàdì yín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

"Fíríìjì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ agbègbè wa ń gbà. Bó bá gbóná jù, abẹ́rẹ́ bàjẹ́. Bó bá tutù débi tó fi dì, àwọn abẹ́rẹ́ kan bàjẹ́, ojú lásán kì í sì í tètè mọ̀. Ẹni tí a fẹ́ pè yìí ló ń ṣọ́ ọ. Ìgbà 730 ló yẹ kí wọ́n kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òun àti igbákejì rẹ̀, tó dúró dè é nígbà ìsinmi, kọ ọ́ nígbà 724. Ní oṣù Kẹta, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò sáré kó yìnyín lé abẹ́rẹ́ lórí. Ó gbé àwọn páàkì yìnyín síta títí ó fi mì wọ́n tó gbọ́ omi nínú wọn, torí yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè mú kí abẹ́rẹ́ pẹ́ntá dì. Lẹ́yìn náà ló kó ìgò 86 sínú kúlà, awakọ̀ wa sì gbé e lọ sí fíríìjì ńlá ti ìjọba ìbílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgò 86 ló padà, gbogbo wọn ló sì ṣeé lò. Láàárín ọdún náà, a kò da ìgò kankan tí a kò tíì ṣí nù nítorí ooru tàbí dídì. Ẹ bá wa pe Alhaja…"

Orúkọ ló kẹ́yìn, ìdí sì wà fún un. Bí ẹ bá fi orúkọ ṣíwájú, àwọn ẹbí á pariwo, onígángan á gbé e, ìyókù ìwé á sì di ariwo. Ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn fún ẹni tó máa kà á, kí ẹ sì bi ẹni náà fúnra rẹ̀ oyè tó fẹ́ kí wọ́n pe òun. Alhaja tí wọ́n bá pè ní Arábìnrin kò ní gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa fíríìjì mọ́.

Kíyè sí i pé kò sí "láìdà bí àwọn yòókù" nínú rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ń fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́yà láti fi gbé ẹnì kejì ga, àwọn yòókù náà sì wà ní gbọ̀ngàn. Kò sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ikú ọkọ, àìsàn ọmọ, oyún tó gbé wá síbi iṣẹ́. Àwọn kan rò pé nǹkan wọ̀nyẹn ló ń mú kí ọ̀rọ̀ wọni lára. Ó lè jẹ́ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú méjì ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á sókè, kí fóònù máa ka àkókò, torí kíkà sínú máa ń yá ju kíkà síta lọ. Bó bá gùn, ẹ yọ gbólóhùn tí ẹ kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ní ẹ̀rí, ẹ yọ iye kan, kí ẹ fi ìtàn oṣù Kẹta sílẹ̀, torí òun ni wọ́n máa sọ délé.

Ó ku kí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lè tún un ṣe. Bí àmì-ẹ̀yẹ kò bá jẹ́ àṣírí, òun fúnra rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ àṣírí, ọ̀gá rẹ̀ tààrà tàbí igbákejì tó dúró dè é yẹn ló yẹ, kì í ṣe ẹni tó wà ní ọ́fíìsì àgbà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, igbákejì náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá 86 ni lóòótọ́, tàbí wọ́n ka àwọn ìgò omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ èèyí mọ́ ọn.