Ìdí tí Àbújá kò fi ní gómìnà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì bi mí lálẹ́ òní pé, "Dádì, Àkúrẹ́ wà lábẹ́ gómìnà, kí ló dé tí Àbújá ò ní?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n kéde àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Múrítàlá Mùhámọ́dù dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ó sì sọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà pé olú-ìlú Nàìjíríà yóò kúrò ní Èkó. Adájọ́ Akinọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́ níbí, ni alága ìgbìmọ̀ tó dá àbá náà.

Láti 1967 ni ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti jọ ń fún ara wọn mọ́ ìlú kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ò tó. Ìgbìmọ̀ Àgùdà sì fẹ́ ibi tí ẹ̀yà kankan ò ní lè pè ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kàn fi Àbújá sínú Ìpínlẹ̀ Niger? Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ṣáájú wa. Ní oṣù Kẹfà 1783, nǹkan bí irinwó sójà tí wọ́n jẹ lówó oṣù yí ilé tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ ti ń ṣèpàdé ká ní Filadẹ́fíà. Àwọn aṣòfin ò ní ọmọ ogun tí wọ́n lè pè nílùú náà, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà pé kí wọ́n kó ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wá. Jọ́ọ̀nù Díkínsìn tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò tíì di ìjà. Àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè kó ẹrù, wọ́n sá lọ sí Prínsítìn. Gbogbo wọn rí i pé àlejò lásán ni wọ́n lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ òfin ilẹ̀ wọn ní 1787, wọ́n fi sí i pé kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ fúnra wọn máa ṣàkóso ilẹ̀ olú-ìlú, kí ó má sì ju máìlì mẹ́wàá níbùú lóròó lọ.

Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. A gé ilẹ̀ lára Niger, Plateau àti Kwara, a yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gómìnà. Ààrẹ ló ń yan mínísítà tó ń ṣàkóso rẹ̀, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún un.

Ibi tó ń dùn mí ni pé ará Àbújá ń dìbò yan ààrẹ, sẹ́nétọ̀ kan, aṣojú-ṣòfin méjì àti alága káńsù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò lè fi ìbò yọ ẹni tó ń pín ilẹ̀ ìlú rẹ̀. Àwọn Gbàgyí tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà ló ń jìyà rẹ̀ jù. Mo gbà pé kí ilẹ̀ náà dá dúró, àmọ́ n ò gbà pé ó di dandan kí wọ́n máa fi mínísítà jọba lé wọn lórí. Láti 1974 ni àwọn ará Wáṣíńtọ̀n ti ń dìbò yan mẹ́yọ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ ṣì lè fagi lé òfin tí ìlú náà bá ṣe.