Wáìnì tó bá oúnjẹ aláta mu
Lálẹ́ àná, kí àwọn àlejò mi tó dé, mo fi ṣíbí kan tọ́ ọbẹ̀ ata wò, mo sì fi wáìnì pupa tí agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀lé e. Ńṣe ni ẹnu mi gbaná, nítorí pé ọtí tó le máa ń mú kí ata ta ni sí i. Mo gbé e kúrò, mo sì ṣí wáìnì funfun ilẹ̀ Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Rísílìńgì, tó dùn díẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 8.5 péré, tó sì ti tutù dáadáa. Adùn rẹ̀ rọ ata náà lójú, kíkan rẹ̀ kò sì jẹ́ kí adùn náà sú wa.