Páálí ìbéèrè ojoojúmọ́ mi: ibi tí mo bá a dé

Ojoojúmọ́ ni mo ń fa káàdì kan, tí mo sì ń kọ ọpẹ́ lórí ohun tó wà lára rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ kejìlélógún ni mo rí i pé káàdì mi ti kú. Mo ṣí ìwé, ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn tí mo kọ “Omi, mo dúpẹ́,” gbogbo rẹ̀ ní Mọ́ńdè, àfi bí ẹni ń fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì. Ẹjọ́ mi ni. Káàdì 7 ni mo gé lára páálí, mo ń fà wọ́n létòlétò, ọjọ́ 7 ló sì wà nínú ọ̀sẹ̀. Omi ò lè kúrò ní Mọ́ńdè láé.

Mo wá lo agolo mílíìkì méjì, mo ń fa káàdì kan nínú ìkọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, létòlétò. Nínú ọ̀kan, nǹkan 6: omi, oúnjẹ, ojú ọ̀nà, ará ilé, ara mi, ohun tó bàjẹ́. Nínú èkejì, ojú 4 tí mo lè fi wò ó: Ta ló mú un dé ọ̀dọ̀ mi? Ká ní kò sí ńkọ́? Kí ló ti yí padà? Mo dúpẹ́ nítorí… Mo rò pé 6 lọ́nà 4 á fún mi ní ọjọ́ 24. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ti àkọ́kọ́ gan-an ló padà dé. Àbúrò mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, 2 pín 6, ó tún pín 4. Ẹ̀yin náà ẹ kà á.” Ìdajì àwọn tí mo rò pé mo ní ò ní pàdé ara wọn láé.

Mo fi mẹ́ta kún agolo àkọ́kọ́, ó di 9: ohùn, òórùn, iṣẹ́. Nísinsìnyí ó di ọjọ́ 36 kí èyíkéyìí tó padà wá, kò sì sí nǹkan tó lẹ̀ mọ́ Mọ́ńdè mọ́. Ojú 4 náà ló ń bá ọjà ọrọọrún wa níbí, ní Ìjùmú, rìn, torí oorun 4 péré ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. “Ta ló mú un dé” ló máa ń bọ́ sọ́jọ́ ọjà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ń rí èèyàn jù.

Ọpẹ́ gan-an ò kàn mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin. Lyubomirsky, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2005 pé àwọn tó ka oore tí wọ́n rí gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni inú wọn dùn sí i, kì í ṣe àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, omi pàdé “Ta ló mú un dé?” Ọmọ tó ń fi ọmọlánkẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì wá ni mo kọ: wáyà ló fi rán bàtà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kan géètì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni “ohun tó bàjẹ́” pẹ̀lú “Mo dúpẹ́ nítorí…” Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi kú, irọ́ ni ǹ bá kọ. Mo fò ó, mo fa òmíràn nínú agolo kan ṣoṣo, ni gbogbo ètò bá dàrú. Ní báyìí, bí irú rẹ̀ bá dé, déètì nìkan ni mo ń kọ, màá sì sún agolo méjèèjì síwájú. Ojú ìwé méjì ló ṣófo báyìí.

Káàdì oúnjẹ ti kó epo. Màá gé òmíràn ní Sátidé.