Ohun tí róòbù ń ṣe fún orí tó ń fọ́, àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé

Ní Òṣogbo, kí ẹ̀fọ́rí tó gbé ènìyàn dé ilé oògùn, róòbù ti kọ́kọ́ débẹ̀. Aránṣọ ní Ìgbọ̀nà, awakọ̀ ní Òkè-Fìà, ìyá tó ń ta ata l'Ọjà Ọba, agolo kékeré náà kì í wọ́n nínú báàgì wọn. Róòbù ni mo ń pè é níbí bí gbogbo wa ṣe ń pè é, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára agolo. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa rẹ̀ nídìí oògùn títà kò pọ̀: orí awọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ní iwájú orí àti ẹ̀bátí, fún irú ẹ̀fọ́rí kan pàtó. Ibi tí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́ńtọ́ọ̀lù tó wà nínú róòbù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kì í mú awọ tutù ní tòótọ́. Ohun tó wà lára iṣan ìmọ̀lára tó máa ń mọ̀ pé òtútù dé ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù máa ń jí, bí súìtì kan ṣe máa ń mú kí omi lásán dà bí omi yìnyín lẹ́nu. Iṣan yẹn á gbé ìròyìn òtútù lọ sí ọpọlọ, ìròyìn ìrora kò sì ní rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ agolo, ẹ ó tún bá káńfọ̀ àti mẹ́táìlì sàlísílétì pàdé. Ìkejì yìí ló máa ń ta ènìyàn lára gbóná, ẹbí asipirín sì ni. Ẹ fi ìbátan yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí òórùn rẹ̀ ló ń tàn wá jẹ? Ní 1996, àwọn oníwàádìí ní Jámánì mú òróró pẹpamíìntì, tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ ọtí líle, òróró náà jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Wọ́n fi í pa iwájú orí àti ẹ̀bátí àwọn ènìyàn 41 tí orí máa ń fún, wọ́n sì tún un pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú 30. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni ìrora ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wé parasítámọ́ọ̀lù gíráàmù kan, ìyẹn wóró méjì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ní ọdún kan náà, wọ́n dán ìpara kan tó jọ róòbù tiwa wò ní Ọsirélíà, àbájáde rẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Ní ti túúlu, èyí tó máa ń lu ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ orí kan tó sì ń mú èébì dání, wọ́n gbé mẹ́ńtọ́ọ̀lù ìdá 10 nínú 100 wò ní Ìráànì ní 2010, ó sì ṣe é ju ohun tí wọ́n fi díbọ́n bí oògùn lọ.

Mo gba ẹ̀rí yìí gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ tán. Àwọn tí wọ́n dán an wò kò pọ̀. Òórùn mẹ́ńtọ́ọ̀lù kò sì ṣeé fi pamọ́: ẹni tí wọ́n bá fi pa lórí mọ̀ pé oògùn gidi ló kan òun, ìmọ̀ yẹn nìkan náà sì lè mú ìrora fúyẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, òróró tí wọ́n lò ní Jámánì kì í ṣe róòbù tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ka ara agolo. Èyí tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kéré gan-an lè máà ṣe ju pé kó máa rùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Láti àárọ̀ ló ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, orí sì ń fún un yí ká bí ìgbà tí wọ́n wé gèlè tó le jù. Kò lù kìkì, kò bì, ìmọ́lẹ̀ kò ni í lára, tó bá sì rìn kiri kò burú sí i. Irú èyí gan-an ni róòbù mọ̀ ọ́n ṣe. Kó kọ́kọ́ mu omi, kó jẹun bí kò bá tíì jẹun, kó sì dìde nídìí ẹ̀rọ. Kó nu òógùn iwájú orí kúrò, nítorí ìpara kì í mú awọ tó rin. Kó wá bu ìwọ̀n wóró ẹ̀wà kan, kó pín in sí mẹ́ta: ọ̀kan fún iwájú orí lókè, nítòsí irun, ọ̀kan fún ẹ̀bátí kọ̀ọ̀kan. Kí àlàfo ìka méjì wà láàárín ìpara àti ojú. Kó fi ìka rà á díẹ̀díẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, kó fi aṣọ gbẹ nu ọwọ́, kó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi nìkan kì í kó o, ọwọ́ tí wọn ò sì fọ̀ mọ́ ló máa ń gbé e wọ ojú.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó tún un pa bẹ́ẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn 15 mìíràn. Tí wákàtí kan bá pé tí orí ṣì ń fún, kò sídìí láti máa kún un. Kó lo parasítámọ́ọ̀lù wóró méjì tí mílígíráàmù 500, kó má sì ju wóró mẹ́jọ lọ nínú wákàtí 24. Tó bá jẹ́ pé ó ń lo parasítámọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè ti di ohun tó ń fọ́ orí rẹ̀.

Àwọn obìnrin wa máa ń ṣe àṣìṣe kan níbí: wọ́n á pa róòbù tán, wọ́n á wá fi gèlè tàbí ìborùn di orí pinpin, tàbí kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ti rì sínú omi gbóná lé e. Ìdì àti ooru ló ń mú kí mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti mẹ́táìlì sàlísílétì wọ awọ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ óò mọ̀ bí ìtutù náà bá yí padà di títa bí iná, tí awọ pọ́n, tí ó sì ń léròrò. Ẹ fi aṣọ àti òróró oúnjẹ díẹ̀ nù ún kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́. Bó bá wọ ojú, omi mímọ́ tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ni, kì í ṣe fífi ọwọ́ nù ún. Ẹni tó ń lo wọ́fáríìnì nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì kò gbọdọ̀ máa fi èyí tó ní mẹ́táìlì sàlísílétì pa ara déédéé. Ìbátan asipirín tí mo sọ nìyẹn: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹnu wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń bu róòbù sínú tíì, àwọn mìíràn á fi ahọ́n lá a. Káńfọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí agolo gíráàmù 10 bá ní káńfọ̀ ìdá 10 nínú 100, gíráàmù kan ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti pa ọmọ kékeré rí. Kì í pẹ́, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí gìrì á fi mú ọmọ láìjẹ́ pé ibà kankan ṣe é. Òróró mẹ́táìlì sàlísílétì tí wọn ò là, ṣíbí tíì kan péré nínú rẹ̀ ju wóró asipirín 20 tí mílígíráàmù 300 lọ. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì: gìrì lè dé bó ṣe ń bì, kí èébì wá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú agolo náà dání.

Imú ìkókó náà kò sí lára ibi tí à ń fi róòbù sí. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, mẹ́ńtọ́ọ̀lù nínú imú lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé, kí èémí sì dúró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má baà fọ́, wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Ní 1980, àwọn dókítà ọmọdé l'Ékòó, Ransome-Kuti wà lára wọn, kọ ìwé nípa ewu ibà pọ́njú fún àwọn ìkókó tó ní àìtó yìí tí wọ́n sì fara kan mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Èyí tó tún burú ni bọ́ọ̀lù funfun tí à ń jù sínú àpótí aṣọ, tí gbogbo ọjà ń pè ní káńfọ̀. Nafútálíìnì ló sábà máa ń jẹ́, ó sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ wómúwómú. Ẹ má kó o sínú aṣọ ìkókó, kí ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ ìpara kankan.

Ní ti ewé àti egbò, atalẹ̀ nìkan ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà díẹ̀ fún túúlu. Ní Ìráànì, wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú atalẹ̀ mílígíráàmù 250 wé oògùn túúlu kan tí wọ́n ń pè ní sumatirípitáànì ní 2014, lára ènìyàn 100, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe dọ́gba lẹ́yìn wákàtí méjì. Mílígíráàmù 250 kò tó ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, nítorí náà kò sídìí láti gún ọwọ́ atalẹ̀ odindi. Ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ lè di ẹ̀fínrín àti ejìnrìn pọ̀ fún yín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, bẹ́ẹ̀ ni ti àná kì í bá ti òní dọ́gba. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí ni mo kọ̀ jù, pàápàá fún ẹni tó ti gbé parasítámọ́ọ̀lù mì: ẹ̀dọ̀ kan náà ni méjèèjì ń dààmú.

Àwọn ẹ̀fọ́rí kan wà tí mi ò ní ta róòbù fún: èyí tó bẹ́ lù ènìyàn lójijì bí ààrá, èyí tó bá ibà àti ọrùn líle wá, èyí tó tẹ̀lé orí tí ènìyàn fi gbá, èyí tó mú ẹnu wọ́ tàbí apá kan rọ, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50. Bó bá jẹ́ ibà lásán, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kí ẹ tó pa ohunkóhun. Aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ àti ojú wú, kó gbé agolo sílẹ̀, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọjọ́ náà gan-an. Bó bá ti tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kó má padà sílé kí dókítà tó rí i.